Òsì, Ọ̀tún tàbí Àárín: Èwo Ló Ń Fi Kún, Èwo Ló Ń Dín Kù?

Ẹ jẹ́ ká wọn àyè tó wà lábẹ́ ìlà y = √x, láti 0 dé 4. A pín in sọ́nà mẹ́rin, fífẹ̀ ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 1, a sì fi onígun mẹ́rin kan rọ́pò ìpín kọ̀ọ̀kan. Ibi tí a ti mú gíga rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Bí a bá mú un létí òsì, àròpọ̀ jẹ́ 4.15, létí ọ̀tún, 6.15. Iye gan-an jẹ́ 5.33. Ìlà yìí ń gòkè láìsinmi, nítorí náà etí òsì ló kúrú jù nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, etí ọ̀tún ló sì ga jù.

Ti àárín ló dùn mọ́ mi jù. Ó fún wa ní 5.38, ó fi díẹ̀ lé e. Gígòkè kọ́ ló fà á: ìlà náà tẹ̀ bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ ni. Ẹ mú orí onígun mẹ́rin kan, kí ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti ojú àárín rẹ̀, títí yóò fi tẹ̀ lé ibi tí ìlà náà kọjú sí. Ohun tí apá kan pàdánù ni apá kejì jèrè, àyè rẹ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n orí náà ti ga ju ìlà lọ níbi gbogbo, àfi ojú kan ṣoṣo tí wọ́n ti fara kanra.

Bí ìlà bá gòkè tó tún sọ̀ kalẹ̀, òfin òsì àti ọ̀tún kò ṣeé gbára lé mọ́. Ti àárín ṣì dúró, bí títẹ̀ náà kò bá ti yí padà. Ní ti x², tó lanu sókè, àárín a dín kù: 21 dípò 21.33.