Ọfà Tó Lọ Tí Kò Bọ̀: Lẹ́tà sí Àwọn Tó Ń Ṣe Áàpù Ẹgbẹ́ Wa



Mo ti yẹ àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ wò. Ó mọ́, ó dùn ún wò, akọ̀wé ẹgbẹ́ tiẹ̀ ti ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí wọ́n ṣì dúró ná, torí àwòrán náà ń ṣini lọ́nà. Àpótí mẹ́rin ni ẹ yà: fóònù ọmọ ẹgbẹ́, kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́, bánkì ẹgbẹ́, àti bánkì ẹni tí a fẹ́ sanwó fún. Ọfà mẹ́ta ló so wọ́n pọ̀, gbogbo wọn kọjú sí ọ̀tún, ẹ sì kọ "owó" sára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kì í ṣe owó ló ń rìn níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ni. Ká ní ìyá kan nínú ẹgbẹ́ fẹ́ san 20,000 náírà fún ẹni tó ra gàárì lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹni yẹn sì ń lo bánkì mìíràn. Kọ̀ǹpútà wa á sọ fún bánkì wa, bánkì wa á sọ fún NIBSS, ìyẹn ilé iṣẹ́ tí àwọn bánkì Nàìjíríà jọ ní láti 1993, tí ètò ìfowóránṣẹ́ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ NIP sì bẹ̀rẹ̀ ní 2011. NIBSS ló máa sọ fún bánkì kejì. Bẹ́ẹ̀ ẹ ò ya NIBSS rárá! Bánkì kejì á fi owó sínú àkáǹtì oníbàárà rẹ̀, á sì dáhùn, ìdáhùn náà á gba ọ̀nà tó bá wá padà. Gbèsè tó wà láàárín bánkì méjèèjì ńkọ́? Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n máa ń ṣírò ìyẹn pa pọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ìdáhùn tó ń padà bọ̀ yẹn, torí kò sí ọfà kankan fún un nínú àwòrán yín. Mo wo ìwé òfin tí ẹ kọ tẹ̀ lé àwòrán náà, mo sì rí ohun tí àìsí rẹ̀ fà. Ẹ kọ ọ́ pé bí ìṣẹ́jú àáyá 30 bá kọjá láìsí èsì, kí áàpù kọ `FAILED`, kí ó sì gbé bọ́tìnnì "Tún un ṣe" jáde. Ẹ jẹ́ ká fi ti ìyá yẹn wò ó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé bánkì kejì, owó wọlé, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì já nígbà tí ìdáhùn ń bọ̀. Áàpù sọ fún un pé kò lọ. Ó tún un tẹ̀. 40,000 náírà ti jáde, ẹni tó sì gba owó náà lè má dá a padà.

Ẹni tó rán ọmọ níṣẹ́ tí ọmọ kò tíì dé kò lè sọ pé ọmọ náà kò jẹ́ iṣẹ́ ọ̀hún. Àwọn bánkì mọ èyí. Nínú èsì NIP, `00` ni pé ó ti yọrí, ṣùgbọ́n `01` wà níbẹ̀ fún pé a kò tíì mọ bó ṣe já sí, `09` sì wà fún pé ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin yọrí àti kùnà nìkan ni ẹ ní.

Bí ẹ ó ṣe tún un ṣe nìyí. Ẹ ya NIBSS sí àárín bánkì méjèèjì. Ẹ ya ọfà ìpadàbọ̀ sábẹ́ ọfà ìlọ kọ̀ọ̀kan, kí ó jẹ́ ìlà gígé, kí ojú lè tètè rí i pé ó lè má dé. Ẹ pa "owó" rẹ́, kí ẹ kọ ohun tí ọfà gbé gan-an: "béèrè orúkọ onílé àkáǹtì", "ẹ san 20,000", "èsì". Ibi tí ìlà gígé bá ti já, ẹ ya àpótí kékeré kan tí ẹ ó pè ní `UNKNOWN`. Ọfà kan ṣoṣo ni kó ti ibẹ̀ jáde, èyí tó ń lọ béèrè lọ́wọ́ bánkì pé iṣẹ́ yìí dà.

Kí a tó lè béèrè, iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú àpótí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ pé níbẹ̀ ni a ti ń ṣẹ̀dá nọ́ńbà náà, tí a sì ń tọ́jú rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó jáde rárá. Nọ́ńbà yẹn náà la ó fi béèrè. Bí a bá fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́, ìsanwó mìíràn ni bánkì máa kà á sí.

Ìṣirò láàárín àwọn bánkì, ẹ yà á sórí ìwé ọ̀tọ̀, ibẹ̀ nìkan sì ni kí "owó" ti hàn lára ọfà. Bọ́tìnnì "Tún un ṣe" ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ kúrò lójú fóònù títí èsì tó dájú yóò fi dé, kí ẹ fi "A ṣì ń béèrè lọ́wọ́ bánkì" rọ́pò rẹ̀. Ẹ fi tuntun náà ránṣẹ́ sí mi kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, kí n lè yọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbi tó bá wù mí, ká jọ wo ibi tí ọfà máa gbé wa dé.