Ọdún 6 ni òfin fún olówó: Bí gbèsè ọjà ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ní sùúrù jù

Ní Balógun, Ìdúmọ̀tà àti Jànkárà, àwìn ò tíì tán lọ́jà. Oníbàárà á gbé ẹrù, á ní òun á san owó lópin oṣù. Tí oṣù bá parí tí owó ò wọlé, kì í ṣe kóòtù ni ọlọ́jà ń kọ́kọ́ sáré lọ. Yóò fi ẹjọ́ sun ìyálọ́jà, yóò rán àwọn àgbà sí onígbèsè, yóò fún un láyè títí Iléyá tàbí Kérésìmesì. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́.

Sùúrù yẹn dára, àmọ́ òfin ń ka ọjọ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń bẹ ara wọn. Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin tó fi gbèdéke sí iye ọdún tí èèyàn ní láti gbé ẹjọ́ dé kóòtù. Fún àdéhùn òwò lásán, bíi ọjà àwìn, owó tí wọ́n yá ẹnìkan tàbí iṣẹ́ tí wọ́n gba owó rẹ̀ tí wọn ò ṣe, ọdún 6 ni. Tí ọdún 6 bá kọjá, tí onígbèsè sì sọ fún kóòtù pé àkókò ti lọ, adájọ́ ò ní í wo bóyá olówó jàre tàbí ó jẹ̀bi. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ máa parí sí.

Ìgbà wo ni kíkà ń bẹ̀rẹ̀?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹrù ni òfin ń kà, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí onígbèsè yẹ àdéhùn ni. Tí wọ́n bá fi ọjọ́ sí ìgbà tí owó máa wọlé, tí ọjọ́ náà sì kọjá láìsí owó, àná ọjọ́ yẹn ni àdéhùn yẹ̀, òní ni kíkà bẹ̀rẹ̀.

Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà ti sọ ọ̀nà tí adájọ́ ń gbà ṣírò rẹ̀ nínú ẹjọ́ Egbe àti Adéfaràsìn lọ́dún 1987. Adájọ́ á wo ìwé tí olùpẹ̀jọ́ fúnra rẹ̀ kọ, á mú ọjọ́ tí ó ní wọ́n ṣẹ òun, á wá fi wé ọjọ́ tí ìwé ẹjọ́ wọ kóòtù. Tí iye ọjọ́ tó wà láàárín méjèèjì bá ju ohun tí òfin gbà láàyè lọ, ẹjọ́ náà ti kú. Ìwé olùpẹ̀jọ́ gan-an ló máa ń tú u fó.

Nítorí náà, ó dára kí wọ́n kọ ọjọ́ ìsanwó sórí ríṣíìtì. Tí wọn ò bá kọ ọ́, àwọn lọ́yà á máa jiyàn lórí ọjọ́ tí kíkà bẹ̀rẹ̀, iyàn yẹn sì lè pa olówó lára.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan

Ẹ jẹ́ ká fi ọlọ́jà léèsì kan ní Balógun ṣe àpẹẹrẹ. Ó gbé ẹrù mílíọ̀nù 4 náírà fún oníbàárà rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2014. Àdéhùn wọn ni pé owó gbọ́dọ̀ pé ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún náà. Ọjọ́ pé, owó ò wọlé. Láti ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 2014 ni òfin ti ń ka ọdún 6. Bí ohunkóhun ò bá yí i padà, kò yẹ kí ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2020 kọjá kí ìwé ẹjọ́ ìyá yìí tó wọ kóòtù.

Àmọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2017, oníbàárà náà san ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300 náírà sínú àkáǹtì ìyá yìí, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara owó léèsì ni. Owó kékeré yìí ṣe iṣẹ́ ńlá. Lójú òfin, ẹni tó san díẹ̀ nínú gbèsè ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun jẹ gbèsè, kíkà sì máa bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun láti ọjọ́ náà. Ìyá yìí tún ní ọdún 6 mìíràn, títí di ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2023, láti gba mílíọ̀nù 3 àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 700 tó kù.

Láti 2017 títí di 2023, ìyá yìí ò sinmi. Ó lọ bá àwọn àgbà ọjà, onígbèsè sì ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó ń ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì, màá san." Lọ́dún Iléyá kan, ó gbé àgbò wá kí wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 2023, ìyá ní ó tó gẹ́ẹ́, ó gba kóòtù lọ. Lọ́yà onígbèsè ò sọ pé oníbàárà òun ò jẹ gbèsè. Ohun tó sọ ni pé àkókò ti kọjá. Oṣù 3 àti díẹ̀ ni ìyá fi pẹ́, owó náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ló dé tí ìdọ̀bálẹ̀ àti àgbò Iléyá ò gbà á là? Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dá kíkà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Òfin fẹ́ kí onígbèsè kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun jẹ gbèsè, kó sì fọwọ́ sí i, tàbí kó san díẹ̀ nínú gbèsè náà gan-an. Ẹ̀bùn ni àgbò, kì í ṣe owó léèsì. Ọ̀rọ̀ orí Wáàsáàpù lè wúlò fún ẹ̀rí, àmọ́ bébà kan ṣoṣo tí onígbèsè kọ orúkọ rẹ̀, iye owó àti ọjọ́ sí, tó sì fọwọ́ sí, ló máa dá iyàn dúró. Kí wọ́n sì gbà á kí ọdún 6 tó pé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ ò dá àkókò dúró, ìwé kóòtù ló ń dá a dúró

Lọ́dún 1994, ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ nínú ẹjọ́ tí Eboigbe pe NNPC, ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ìjọba àpapọ̀. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí owó ìtanràn kí ọ̀rọ̀ tó di ti kóòtù, àkókò tí òfin fi sílẹ̀ sì ti tán. Ilé-ẹjọ́ ní tí kíkà bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í dúró nítorí pé ẹni méjì ń dúnàá-dúrà. Ohun tó dára jù ni kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gbé ìwé rẹ̀ wọ kóòtù ná, kó má bàa pàdánù tí ìpàdé ò bá yọrí sí rere.

Ẹjọ́ mìíràn fi ìdàkejì rẹ̀ hàn, Èkó níbí ló sì ti ṣẹlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Migfo àti Sifax jà lórí àdéhùn òwò nípa ibùdókọ̀ ojú omi Tin Can. Ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ náà lọ. Lọ́dún 2012, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ilé-ẹjọ́ yẹn ò láṣẹ lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Migfo tún gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó, Sifax ní ọdún 6 ti kọjá. Àmọ́ lọ́dún 2018, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dá Migfo láre: gbogbo ọdún tí ẹjọ́ fi wà ní kóòtù, bó tiẹ̀ jẹ́ kóòtù tí kò láṣẹ, kíkà dúró. Ẹni tó gba kóòtù lọ ò sun lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Èyí ò ní kí ọlọ́jà dẹ́kun ẹ̀bẹ̀. Ó lè gbé ìwé wọ kóòtù lónìí, kó sì jókòó pẹ̀lú onígbèsè lọ́la. Tí wọ́n bá yanjú ọ̀rọ̀, wọ́n lè gbé àdéhùn wọn fún adájọ́ kó sọ ọ́ di ìdájọ́. Fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, ìjọba Èkó ti dá kóòtù gbèsè kékeré sílẹ̀ lábẹ́ kóòtù májísíréètì láti ọdún 2018. Ìwé tí èèyàn fi ń béèrè owó rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí onígbèsè níbẹ̀. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwé ìbéèrè yẹn ti dá àkókò dúró. Ọjọ́ tí ìwé ẹjọ́ gan-an wọlé ni wọ́n máa kà.

Kí olùpẹ̀jọ́ tọ́jú ẹ̀dà ìwé tí kóòtù lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó ò tíì gbàgbé bí iná ṣe jó ilé-ẹjọ́ gíga Ìgbóṣeré ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, tí ọ̀pọ̀ ìwé ẹjọ́ sì jóná mọ́ ọn.

Ibi tí ọdún 6 ò dé

Gbèdéke ò dọ́gba fún gbogbo ẹjọ́. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ni ẹlòmíràn gbà, ọdún 12 ni òfin Èkó fún onílẹ̀, 20 fún ìjọba. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé gbèsè tí ọdún 6 rẹ̀ pé ṣì jẹ́ gbèsè, kóòtù ni kò ní í bá olówó gbà á. Tí onígbèsè bá fínnúfíndọ̀ san án, kò lè gbà á padà. Ní ti ilẹ̀, ẹ̀tọ́ onílẹ̀ gan-an ló máa ń kú.

Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló ṣẹ èèyàn lẹ́nu iṣẹ́, bíi kí wọ́n wó sọ́ọ̀bù láìtọ́, àkókò kúrú gan-an: oṣù 3 péré ni òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fi sílẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì kan dé òmíràn fún oṣù 4 lè ti pẹ́ jù.

Ó ní ibi tí òfin ti ṣàánú. Tí ẹnìkan bá fi jìbìtì bo ohun tó ṣe mọ́lẹ̀, ọjọ́ tí ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì rí i, tàbí tó yẹ kó ti rí i tó bá wádìí dáadáa, ni kíkà ń bẹ̀rẹ̀. Bákan náà, onígbèsè ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nínú ìwé ìdáhùn rẹ̀ pé àkókò ti lọ. Tí kò bá sọ ọ́, ẹjọ́ gbèsè lè máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n kí ọlọ́jà má gbójú lé ìyẹn, nítorí ohun àkọ́kọ́ tí lọ́yà onígbèsè máa ń wò ni ọjọ́.

Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ọdún 6. Ẹni tó bá ní ríṣíìtì àwìn nínú dúrọ́ọ̀ lè mú un jáde lálẹ́ òní, kó wo ọjọ́ tó yẹ kí owó ti wọlé àti ọjọ́ tí onígbèsè san owó kẹ́yìn, kó sì ka ọdún 6 láti orí èyí tó kẹ́yìn nínú méjèèjì. Tó bá ku oṣù díẹ̀, lọ́yà ló kàn.